Kí Ló Dé Tí Ẹ Fi Ń Jẹ́ Èsúsú?

Bí ọ̀dọ́ kan láti Òkèlúsè bá dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, tó wá dúró níwájú àwọn olówó tó fẹ́ kí wọ́n bá òun dókòwò, ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo máa ń dúró dè. Ibẹ̀ ni ibi tí ẹnì kan ti máa bi í pé, “Kí ló dé tí ẹ fi ń jẹ́ orúkọ yìí?” Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé orúkọ náà dùn létí, tàbí pé ìyá àgbà àwọn ló ń jẹ́ ẹ, tàbí pé òun ló ṣẹ́ kù tí ẹlòmíì kò tíì gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ kò dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ẹni tó fẹ́ kówó lé iṣẹ́ kì í bèèrè orúkọ nítorí àtimọ ìtàn ìdílé. Ohun tó ń wá ni bóyá orúkọ yẹn sọ ohun tó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, bóyá yóò ṣì bá wọn mu lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí iṣẹ́ bá ti yí padà, àti bóyá wọ́n lè pè é ní tiwọn lábẹ́ òfin.

Nínú gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ pé wọ́n fi ṣàlàyé iṣẹ́ fún olùdókòwò, èyí tó sún mọ́ wa jù, tó sì kọ́ni jù, kì í ṣe ní Èkó ni wọ́n ti sọ ọ́. Ìlú New York ni. Ọdún 2018 ni Abbey Wẹ̀mímọ́, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Èkó, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Samir Goel, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ Íńdíà, dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Esusu. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn olùdókòwò tí SoftBank ṣáájú ti kó mílíọ̀nù 130 dọ́là fún wọn, wọ́n sì díye lé iléeṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa ń sọ lójoojúmọ́ lọ́jà ló wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ yẹn.

Ká tó mọ ohun tí orúkọ náà ń ṣe níwájú olówó, ó yẹ ká tú èsúsú fúnra rẹ̀ palẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú wa ń dá a láìfi bẹ́ẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àjọ àti èsúsú ti dàpọ̀ mọ́ra lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Nínú àjọ, alájọ ń yí ká, ó ń gba iye kan lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, nígbà tí oṣù bá parí yóò kó owó rẹ fún ọ, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó rẹ ni ó dá padà fún ọ. Èsúsú yàtọ̀. Nínú èsúsú, owó gbogbo ẹgbẹ́ ni ẹnì kan ń kó nígbà tó bá kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ló máa wà nílẹ̀, ẹni tó bá kàn ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta tó kù, ẹ̀yáwó ni, kò sì ní san èlé kankan lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni yóò fi dá a padà. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ti dá gbogbo owó rẹ̀ tán kó tó kàn án, ìfowópamọ́ ni tirẹ̀. Àwọn tó wà láàárín jẹ́ ayáwó díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ olùfowópamọ́ díẹ̀. Nínú òbìrìkìtì kan ṣoṣo, ẹ̀yáwó àti ìfowópamọ́ ń ṣẹlẹ̀ papọ̀, láìsí ìwé àdéhùn, láìsí dúkìá tí ẹnikẹ́ni fi dúró.

Kí ló wá di gbogbo rẹ̀ mú? Ẹni tó bá ti jẹ́ olórí èsúsú rí yóò dá yín lóhùn kíá. Bí ẹnì kan bá kó owó tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, tí kò sì yọjú mọ́, ó ti dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ti kó àádọ́ta. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ló gbé sá lọ. Ọ̀sẹ̀ méje tó kù, owó tó ń wà nílẹ̀ yóò máa dín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àfi bí olórí bá fi tirẹ̀ dí i. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò tàbí ẹni tuntun kó o níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí. Nígbà tó bá ti dá a yípo kan tàbí méjì láìpẹ́ ọjọ́, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì ti rí i, wọn yóò fà á síwájú. Ìwà rẹ̀ tí wọ́n rí lójú ni dúkìá tó fi dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an fún ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: nínú èsúsú, ẹni tó ń san owó kékeré déédéé, tí àwọn èèyàn sì ń rí i, ló ń di ẹni tí a lè gbé owó ńlá lé lọ́wọ́.

Àṣà yìí ti pẹ́. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ William Bascom sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní ọdún 1952. Ó bá àwọn èèyàn wa rékọjá òkun. Ní Trinidad, wọ́n ń pè é ní “susu” títí di òní, wọ́n sì ń dá a. Ìyẹn ni pé kí Wẹ̀mímọ́ àti Goel tó sọ ọ́ ní orúkọ iléeṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn kan ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ti erékùṣù wá, tí wọ́n ń dá owó láàárín ara wọn nítorí pé báǹkì kò dá wọn mọ̀.

Ìtàn Wẹ̀mímọ́ fúnra rẹ̀ wọ inú orúkọ yẹn bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ dé Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ yáwó ní báǹkì, báǹkì kọ̀, torí pé wọn kò ní àkọsílẹ̀ gbèsè kankan ní orílẹ̀-èdè náà. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ yá wọn lówó, èlé tó ju 400 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó bá yá ọgọ́rùn-ún dọ́là fún odidi ọdún kan lórí irú èlé bẹ́ẹ̀ yóò san ju irínwó lọ lórí owó tó yá. Ìyá rẹ̀ ta òrùka ìgbéyàwó tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀, àwọn ará ìjọ sì yá wọn lówó láìbéèrè àkọsílẹ̀ kankan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: báǹkì kò mọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni wọ́n fi yá a. Ohun tí èsúsú ń ṣe gan-an nìyẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ náà ṣe bá orúkọ mu tààràtà: áàpù kan ni, tí àwọn èèyàn lè fi dá owó yípo lórí fóònù. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, kì bá tí sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n yí padà. Wọ́n kọjú sí owó ilé. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ńlá mẹ́ta, Equifax, Experian àti TransUnion, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí kálukú ṣe ń san gbèsè. Inú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní máàkì, máàkì yẹn sì ni báǹkì ń wò. Ẹni tó yá owó kọ́lé, tó sì ń san án padà lóṣooṣù, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń dára sí i. Ẹni tó háyà ilé, tó ń san owó ilé lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá láìpẹ́ ọjọ́ kan, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ẹni tó ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń dá, kò sì sí ẹgbẹ́ tó ń rí i.

Iṣẹ́ Esusu ni láti jẹ́ kí wọ́n rí i. Wọ́n bá àwọn onílé ńlá dòwò pọ̀, àwọn tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún yàrá tí wọ́n ń fi háyà. Kọ̀ǹpútà wọn ń gba àkọsílẹ̀ owó ilé láti inú èyí tí onílé ń lò, wọ́n á sì fi èyí tí ayálégbé san lásìkò ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta yẹn. Onílé ló ń san owó iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n gba owó ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tí wọ́n sọ ni pé dọ́là méjì ni lórí ilé kọ̀ọ̀kan lóṣù, yàtọ̀ sí owó ìbẹ̀rẹ̀. Onílé tó ní ẹgbẹ̀rún kan ilé yóò san ẹgbàá dọ́là lóṣù. Ó gbà láti san án nítorí pé ayálégbé tó mọ̀ pé owó ilé òun ń kọ́ orúkọ rere fún òun máa ń fẹ́ san án lọ́jọ́ tó yẹ. Fún ayálégbé tí ìṣòro bá dé bá, iléeṣẹ́ náà ṣètò ẹ̀yáwó tí kò ní èlé kí owó ilé má bàa já.

Kò sí òbìrìkìtì èèyàn mẹ́wàá mọ́, kò sí ẹni tó ń kó owó. Síbẹ̀ orúkọ náà kò ṣẹ́, kò sì di àjèjì sí iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi sọ orúkọ. Ohun tó ń mú kí ọjà náà ṣiṣẹ́ ni wọ́n mú: ẹni tó ń san owó kékeré déédéé lójú ẹlẹ́rìí ń di ẹni tí a lè gbọ́kàn lé. Ìyẹn wà nínú áàpù àkọ́kọ́, ó sì wà nínú iṣẹ́ owó ilé. Ohun tí èmi ń wá nínú orúkọ nìyí, òun náà ni olówó tó gbọ́n ń wá, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ báyìí.

Ẹ fi wé àwọn tí orúkọ wọn sọ ọjà. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ ìfowópamọ́ lórí fóònù, wọ́n pè é ní Piggybank.ng. Kóló ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yé gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kìíní, ìyẹn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi owó dókòwò níbẹ̀ pẹ̀lú, kóló kò gba ìyẹn mọ́, torí pé ohun tí a ń fi kóló ṣe kò ju ká sọ owó sínú rẹ̀ lọ. Ní 2019, wọ́n yí orúkọ padà sí PiggyVest. Wọ́n ṣe é dáadáa, iléeṣẹ́ náà sì dúró títí di òní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni pípààrọ̀ orúkọ. Ohun gbogbo tó ní orúkọ àtijọ́ lára, láti orí fóònù oníbàárà dé orí ìwé báǹkì, ni a ó tún ṣe, a ó sì máa ṣàlàyé fún oníbàárà pé owó rẹ̀ kò sọnù. Olówó tó bi yín nípa orúkọ yín ń fi ojú inú wo ọjọ́ yẹn, ó sì ń ronú ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń sọ ọ́? Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù ni pé aṣàlàyé á bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣà, á máa sọ ìtàn ìran wa, títí ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí wọ́n fún un á fi lọ. Mo ti jókòó níbi tí ọmọkùnrin kan ti tú orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ sì bi í lẹ́yìn náà pé, “Kí tiẹ̀ ni ẹ ń tà?” Ó dùn mí gan-an, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Gbólóhùn mẹ́ta tó orúkọ. Èkíní sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Èkejì sọ ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ níbi tó ti wá. Ẹ̀kẹta fi ohun kan náà hàn nínú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Bí èmi bá ní láti sọ ti Esusu, n óò sọ ọ́ báyìí: “Èsúsú ni owó tí àwọn aládùúgbò ń dá jọ, tí ẹnì kan ń kó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí dúkìá tó dì í mú, àfi pé gbogbo ẹgbẹ́ ń rí ẹni tó ń san tirẹ̀ déédéé. Àìmọye ayálégbé ló ń san owó ilé wọn déédéé lóṣooṣù tí kò sí ẹni tó ń rí wọn, àwa la jẹ́ kí wọ́n rí wọn.” Lẹ́yìn ìyẹn, owó ló kàn: ta ni ń san án, èló, lórí ilé mélòó. Bí gbólóhùn ẹ̀kẹta yẹn bá ṣòro láti kọ, orúkọ yẹn kò bá iṣẹ́ yín mu, ẹ má fi ìtàn gbé e ró.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ní Òkèlúsè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, fẹ́ dá iléeṣẹ́ tí yóò máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí yóò sì tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ìṣòro tí wọ́n rí ni òṣùwọ̀n. Àgbẹ̀ gbé kòkó wá, ó mọ̀ pé ọgọ́ta kílò ni, òṣùwọ̀n oníbàárà sọ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Oníbàárà tún sọ pé kòkó náà kò gbẹ tó, ó yọ kílò méjì sí i nítorí omi, ó fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n. Kílò márùn-ún ti lọ, kò sì sí ẹni tó lè fi hàn pé irọ́ ni tàbí òótọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ yìí fẹ́ lo òṣùwọ̀n tó péye àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú kòkó, kí iye rẹ̀ sì wọ fóònù àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni Òkèlúsè Kòkó. Ìfẹ́ ìlú ló wà níbẹ̀, mo sì mọ bó ṣe rí lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí iwájú olówó. Bí ó bá ti gbọ́ Òkèlúsè rí, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, torí pé òun ni wọ́n mọ ilẹ̀ náà mọ́ jù lọ níta. Yóò rò pé iléeṣẹ́ òkúta ló wà níwájú òun. Bí kò bá gbọ́ ọ rí, yóò rò pé ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá sì dé Ìfọ́n tàbí Ọ̀wọ̀, orúkọ náà kò ní bá wọn mu mọ́. Òfin náà sì tún wà níbẹ̀. Òfin àmì òwò Nàìjíríà kò fẹ́ kí orúkọ ìlú, tí èèyàn mọ̀ sí orúkọ ìlú, di ti ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà, àfi bó bá lè fi hàn pé àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọjà tirẹ̀. Bákan náà ló rí fún ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ irú ọjà tàbí bí ó ṣe dára sí. Kòkó kò lè di tiyín nínú òwò kòkó.

Òṣùwọ̀n wá ńkọ́? Ó bọ́ sí ojú iṣẹ́. Ó sọ ohun tó mú kí òwò náà ṣeé ṣe, pé ohun tí àgbẹ̀ mú wá ni a ó kà fún un. Bí wọ́n bá fi kaṣú tàbí ẹ̀kùrọ́ kún un lọ́dún mẹ́rin sí i, orúkọ náà kò ní ṣẹ́. Wọ́n lè fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ọ́: “Òṣùwọ̀n ni ohun tí àgbẹ̀ kò fọkàn tán jù lọ́jà kòkó. Àgbẹ̀ tó bá gbà pé a kò rẹ́ òun jẹ yóò mú èyí tó dára jù wá fún wa. Ẹni tó ń gbé kòkó lọ sókè òkun ń san owó tó pọ̀ sí i lórí èyí tó dára, tó sì gbẹ, ibẹ̀ la ti ń rí èrè.” Gbólóhùn kẹta yẹn ṣeé wọ̀n: olówó lè bèèrè iye tí ìyàtọ̀ owó náà jẹ́ lórí tọ́ọ̀nù kan, kí wọ́n sì mú ìwé títà hàn án. Ibi tó ṣì ṣòro ni pé Òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá ń ta òṣùwọ̀n ni, òfin yóò dí wọn lọ́wọ́ bó ṣe dí ti kòkó. Fún ríra kòkó, ọ̀nà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ ìwé kankan. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Esusu: ní New York, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àjèjì lẹ́nu àwọn tó pọ̀ jù. Ní Ọ̀wọ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́ Èsúsú nínú òwò owó dídá, gbogbo ọjà ló ń jẹ́ ẹ.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tó ń fi Yorùbá sọ orúkọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Lórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì ohùn. Ẹ tẹ “owo” síbẹ̀: ó lè jẹ́ owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìlú Ọ̀wọ̀. “Oko” burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mọ ohun mìíràn tó lè jẹ́. Èsúsú gan-an kò bọ́ nínú èyí. Bí a bá yọ àmì rẹ̀ kúrò, ó lè di eṣúṣú. “osuwon” kò burú, ṣùgbọ́n àlejò yóò sọ ṣ di s. Kí wọ́n pe orúkọ náà fún èèyàn márùn-ún tí kò gbọ́ Yorùbá lórí fóònù, kí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mẹ́ta bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó dára.

Nígbà tó bá ti dá wọn lójú, ọ̀dọ̀ àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, CAC, ni wọn yóò lọ. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ tàbí ohun tó jọ ọ́. Bí kò bá sí, wọ́n á fi í pamọ́ fún wọn fún ọgọ́ta ọjọ́, kí wọ́n fi parí ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ibẹ̀ ló parí sí. CAC kò fún ọ ní àmì ọjà. Ibòmíràn ni, ní ọ́fíìsì àmì òwò ní Àbújá, ọdún méje sì ni àkọ́kọ́ rẹ̀ ń gbà kí a tó tún un ṣe. Ẹ má sì fi “báǹkì” sínú orúkọ nítorí pé ó dùn. Òfin kò gbà á láìsí àṣẹ báǹkì àpapọ̀.

Orúkọ bí Òṣùwọ̀n máa ń fa ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀dọ́ yìí gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún. Olówó yóò wò wọ́n, yóò ní, “Ta ló ń wọn òṣùwọ̀n yín?” Iléeṣẹ́ tó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àgbẹ̀ kan bá mú un pé ó rẹ́ òun jẹ ní kílò kan, orúkọ gan-an ni yóò máa jẹ́rìí lòdì sí i. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò ló máa ń yẹ òṣùwọ̀n wò, tó sì ń lu òǹtẹ̀ sí i. Kí wọ́n mú ìwé òǹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́. Kí wọ́n tún ra irin ìwọ̀n ogún kílò, kí ọ̀kan máa wà níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, kí àgbẹ̀ tó bá ṣiyèméjì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé òṣùwọ̀n kó tó gbé kòkó rẹ̀ lé e. Bí mo bá wà nípò wọn, n kò ní fi àwòrán kankan ṣàlàyé orúkọ náà lọ́jọ́ yẹn. N óò gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀ níwájú olówó, n óò gbé irin náà fún un, n óò ní kó gbé e lé e fúnra rẹ̀.